Fótò ńlá, káàdì kékeré: ẹ gé e bíi táìlì

Ká ní ẹ fẹ́ tẹ fótò ọjọ́ ìbí màmá yín sórí bánà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Fótò náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 3000, ó sì ga ní 2000. Ẹ fẹ́ kí Real-ESRGAN fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin, kí íńṣì kọ̀ọ̀kan lè ní píksẹ́lì 100. Kò pẹ́ rárá, kọ̀ǹpútà kọ `CUDA out of memory`. Fáìlì tí kò ju mẹ́gábáìtì 3 lọ! Báwo ló ṣe kún káàdì gíráfíìkì oní jígábáìtì 4?

Fáìlì kọ́ ló ń jẹ mẹ́mórì o. Fótò 12000 ní 8000 jẹ́ píksẹ́lì mílíọ̀nù 96. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń parí lọ, mọ́dẹ́ẹ̀lì náà máa ń di nọ́ńbà 64 mú fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà kan sì ń gba báìtì 2. Ẹ ṣírò ẹ: ìpele kan ṣoṣo ti lé ní jígábáìtì 12.

Ohun tí a ó ṣe ni pé ká gé fótò náà sí wẹ́wẹ́, kí káàdì ṣe é ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ẹ́lẹ̀:

```
python inference_realesrgan.py -n RealESRGAN_x4plus -i inputs -t 400
```

Pẹ̀lú 400 yìí, fótò wa di ẹyọ 8 ní ìbú, 5 ní òró, 40 lápapọ̀. Ìpele ńlá yẹn á wá gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 360 péré. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ dín in kù sí 200.

Àmọ́ ojú ìdè táìlì lè hàn. Mọ́dẹ́ẹ̀lì máa ń wo àwọn píksẹ́lì tó yí píksẹ́lì kan ká kó tó pinnu àwọ̀ rẹ̀, etí táìlì kò sì ní aládùúgbò. Ìdí nìyẹn tó fi ń mú píksẹ́lì 10 mọ́ ọn láti ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, tó bá ṣe tán á gé e kúrò. Nígbà míì, 10 yẹn kì í tó. Ẹ sún fótò tó ti parí mọ́ra, kí ẹ wo ojú ọ̀run tàbí ògiri tó mọ́ lálà. Bí ìlà tó tọ́ gbọnrangandan bá ń yọ lẹ́yìn gbogbo píksẹ́lì 1600, ìyẹn 400 lọ́nà mẹ́rin, ojú ìdè ni. Ẹ fi `--tile_pad 32` kún àṣẹ yẹn, kí ẹ tún un ṣe.

Ẹ máa wo ojú kọ̀ǹpútà bó ṣe ń ka táìlì lọ. Bí `Error` bá yọ láàárín, iṣẹ́ náà lè má dúró o, ó lè tún táìlì tó ṣáájú lẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé láì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan ṣì kù: táìlì kékeré kì í dín àwòrán tó ti parí kù. Orí káàdì náà ni gbogbo ẹ̀ ń jókòó sí títí wọ́n fi máa fi pamọ́, tiwa yìí á sì gba ju ìdajì jígábáìtì lọ. Bí fótò yín bá tóbi ju èyí lọ gan-an, ẹ fúnra yín ni ẹ máa kọ́kọ́ gé e sí méjì tàbí mẹ́rin.