Òṣìṣẹ́ Pa Dátà Ilé-Iṣẹ́ Rẹ́: Bí GitLab Ṣe Wádìí Rẹ̀ Láì Di Ẹ̀bi Ru Ẹnikẹ́ni

Ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab, ilé-iṣẹ́ tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwià máa ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń bá kọ̀ǹpútà kan jìjàkadì. Ilẹ̀ ti ṣú. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń gbé dátà wọn: db1 ni àgbà, db2 sì ń da ohun tó wà lórí db1 kọ. Db2 kọ̀, kò da nǹkan kan kọ mọ́. Ọkùnrin náà wá pinnu láti pa fódà tó wà lórí db2 rẹ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àṣé orí db1 ló wà. Kó tó dá a dúró láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì, nǹkan bíi 300 gígábáìtì ti lọ. 4.5 péré ló ṣẹ́ kù.

Níbi iṣẹ́ púpọ̀, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀ nìyẹn: ta ló ṣe é, ẹ lé e lọ. Àmọ́ nínú ìròyìn tí GitLab gbé jáde fún gbogbo ayé kà, "team-member-1" ni wọ́n pe òṣìṣẹ́ náà. Ìbéèrè wọn kò dúró lórí ọwọ́ tó ṣì. Kí ló dé tí wọn ò kàn fi ẹ̀dà ìpamọ́ dá dátà padà? Torí pé ibi tó yẹ kí ẹ̀dà náà wà, òfìfo ni. Kí ló fà á? pg_dump tó ń ṣe ẹ̀dà náà jẹ́ àtẹ̀jáde 9.2, dátà wọn sì wà lórí 9.6, nítorí náà ńṣe ló ń kùnà. Ṣé kò sí ìkìlọ̀ ni? Ó wà o, í-meèlì ń jáde, ṣùgbọ́n kò ní àmì ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ tó ń gbà á ń béèrè, ló bá ń dá a padà. Ta wá ni iṣẹ́ rẹ̀ pé kó máa dán ẹ̀dà náà wò? Kò sẹ́ni kankan.

Ká ní wọ́n lé ọkùnrin náà lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, í-meèlì náà ì bá ṣì máa padà sẹ́yìn. Oríire ló kó wọn yọ: ẹnì kan ti ya àwòrán dátà náà ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú, fún iṣẹ́ mìíràn. Dátà wákàtí mẹ́fà ló ṣègbé pátápátá.

Bí ìwádìí bá parí sí "kó máa fara balẹ̀", wọ́n ti dúró lójú ọ̀nà nìyẹn, torí ẹni tó ti rẹ̀ lóru kì í ráyè rántí ìkìlọ̀. Ohun tí GitLab kọ sílẹ̀ ṣe é fọwọ́ bà: kí ojú skrín kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan máa fi hàn kedere èyí tó jẹ́, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ máa dán ẹ̀dà ìpamọ́ wò, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí ààbò dátà yóò wà lọ́rùn rẹ̀.