Ohun tó ń pa oró ata lẹ́nu

Bí ọbẹ̀ ata rodo àti ẹja díndín bá ta yín lẹ́nu, omi tútù lẹ máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìtura rẹ̀ kì í pẹ́, nítorí kapusaísìn, èròjà tó ń mú ata ta, kì í yòrò nínú omi; òróró ló bá rẹ́. Bíà tún burú sí i: ìhó rẹ̀ ń ta ahọ́n tí ata ti ta.

Nọ́nò tútù lèmi fara mọ́ jù. Kéésìn, purotéènì inú wàrà, a máa di kapusaísìn mú, a sì gbé e kúrò lára ahọ́n. Kíkan rẹ̀ sì dára pẹ̀lú ọ̀rá ẹja. Ẹ fi yí ẹnu ká díẹ̀ kí ẹ tó gbé e mì. Ẹni tí wàrà ń dà nínú rú lè mu sóbò tó ní ṣúgà, nítorí adùn náà ń dẹ oró ata.