Ohun Tí A Ó Sọ fún Ayàwòrán Kí Ọmọṣẹ́ Tó Gba Òmìnira

Láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́, ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ aránṣọ bá gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kékeré. Síbẹ̀, bí àríyá náà ti wù kí ó pẹ́ tó, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni kókó rẹ̀: ọmọṣẹ́ á kúnlẹ̀, ọ̀gá á súre fún un, á gbé ìwé ẹ̀rí àti àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, wọn á sì da àtíkè sí i lára. A kò lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Ayàwòrán tí a kàn sọ fún pé kí ó ya gbogbo rẹ̀ lè kó àwòrán ijó àti oúnjẹ jọ, kí ojú ọ̀gá má sì hàn nínú ọ̀kan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ kọ ìwé pélébé kan fún ayàwòrán àti ẹni tí yóò gba fídíò, kí ẹ tò ó bí ètò ọjọ́ náà yóò ti tẹ̀ léra. Fún ayẹyẹ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní agogo 10 òwúrọ̀, ó lè rí báyìí:

Agogo 9: aṣọ tí ọmọṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ rán, kí ó tó wọ̀ ọ́, òun àti àwọn òbí rẹ̀.
Agogo 10: ìwọlé ọ̀gá àti àwọn aránṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀.
Agogo 10:30: ìkúnlẹ̀ àti ìwúre*, ìwé ẹ̀rí àti àlùmọ́gàjí*, àtíkè*.
Kí a tó gbé oúnjẹ: àwòrán ẹbí, nítorí àwọn àgbà kì í pẹ́ lọ lẹ́yìn oúnjẹ.

Àmì ìràwọ̀ ń sọ pé ohun náà kò ní padà wá. Kí ó tó kan èyí àkọ́kọ́, kí àwọn méjèèjì ti pààrọ̀ bátìrì. Kí ẹ béèrè ibi tí ọ̀gá yóò dúró sí, kí ayàwòrán wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí onífídíò wà ní èkejì, kí ọ̀kan má bàa dí èkejì lójú. Ẹni tó kúnlẹ̀ a máa tẹrí ba, nítorí náà kí ayàwòrán náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè rí ojú rẹ̀. Ohùn ìwúre ni ti onífídíò: kí ó gbé makirofóònù súnmọ́ ẹnu ọ̀gá, kí ẹ sì bẹ àwọn olórin kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

Àtíkè ní ìṣòro tirẹ̀. Nígbà tí funfun bá pọ̀ níwájú kámẹ́rà, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ a máa dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọmọṣẹ́ á sì ṣókùnkùn. Kí ayàwòrán fi ìmọ́lẹ̀ kún un, kí ó sì jìnnà díẹ̀ kí ẹ̀tù má bàa bo ojú kámẹ́rà.

Kí ẹ yan ìbátan kan tó mọ àwọn àgbà lójú láti máa tọ́ka wọn. Òun náà ni yóò wo àwọn àwòrán oníràwọ̀ nínú kámẹ́rà lẹ́yìn àtíkè. Bí ojú ọ̀gá kò bá hàn, kí ẹ tètè ya òun àti ọmọṣẹ́ pọ̀ kí àtíkè tó gbọ̀n dànù. Kò ní tó ìwúre, ṣùgbọ́n ojú àwọn méjèèjì yóò wà nínú rẹ̀.