Fáìlì Kan, Ọ̀bẹ Méjì

Àbúrò mi kan tí wọ́n bí sí Pópó Àgùdà ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kó wá fi ogún ìṣẹ́jú sọ ìtàn Ilé Ìlọ́jọ́, ilé Àgùdà àtijọ́ tó wó ní Gbàgede Tinúbú, fún àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó. Ó jókòó ti iṣẹ́ náà títí, nígbà tó sì máa gbé fáìlì rẹ̀ sórí Google Drive, síláìdì 48 ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ wọn, èyí tó fẹ́ máa wò sọ̀rọ̀, tó 5,600. Lọ́jọ́ kan náà ló fi lìǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn méjì lórí Wáásáàpù, kò sì sọ fún ọ̀kan pé òun bẹ ìkejì: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé e." Ayàwòrán-ilé ni ẹnì kan, ọ̀rẹ́ mi ni, ọ́fíìsì rẹ̀ kò jìnnà sí Tinúbú. Ẹnì kejì jẹ́ ìyá kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn kó tó fẹ̀yìntì. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Mo jókòó ti àwọn méjèèjì lẹ́nu iṣẹ́ náà, n kò sì tíì rí i kí èèyàn méjì gba ọ̀nà tó jìnnà síra wọn tó bẹ́ẹ̀ dé ibì kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú fáìlì náà. Síláìdì kìíní àti ìkejì jẹ́ àkọlé àti ètò ọ̀rọ̀. Láti ìkẹta dé ìkọkànlá, ìtàn bí àwọn Àgùdà ṣe dé Èkó ni: ọ̀tẹ̀ Bàháyà ní 1835, ìbọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìn sí Èkó ní 1851, ìwé tí wọ́n fi gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861. Lẹ́yìn náà ni síláìdì mọ́kànlá lórí àwọn ilé mìíràn tí àwọn Àgùdà kọ́, lára wọn Mọ́ṣáláṣí Ṣítà Bey àti ilé da Rocha ní Kákáwà, níbi tí wọ́n ti ń ta omi nígbà kan rí. Méjìlá wà lórí Ìlọ́jọ́ fúnra rẹ̀, mẹ́wàá lórí òfin tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́. Ọpẹ́ àti orúkọ ìwé ló gba mẹ́rin tó kù.

Ojú ni ayàwòrán-ilé fi ń gé. Ó ṣí fáìlì náà ní PowerPoint, ó bọ́ sí Slide Sorter, ó tẹ gbogbo síláìdì jáde ní mẹ́fà-mẹ́fà sórí bébà, ó sì fi àlùmọ́gàjí gé wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ìyàwòrán bí ẹni ń ta káàdì. Kò ka ìlà kan nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ó ń rìn yípo tábìlì náà ni, ó ń dojú èyí dé, ó ń sún ìyẹn sápá kan.

Etí ni Mọ́mì fi ń gé. Wọn ò fẹ́ rí àwòrán rárá. Wọ́n ní kí n bá wọn kó ọ̀rọ̀ nìkan jáde, mo sì lo Create Handouts láti gbé e lọ sínú Word, mo yọ gbogbo àwòrán kúrò. Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n tan aago rẹ̀, wọ́n ka ojú-ewé kan sókè pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń kọ́ni. Nígbà tí ìṣẹ́jú kan pé, wọ́n dúró, a ka iye ọ̀rọ̀: 140. Ìyẹn ni pé 5,600 yóò gba ogójì ìṣẹ́jú. Wọ́n ní kí á fi ìṣẹ́jú méjì sílẹ̀ fún ìkíni àti ikọ́, kó ku méjìdínlógún, tó bá ọ̀rọ̀ 2,520 mu. "Ó lé ní ìdajì tí a máa dà nù," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa bírò yọ.

Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń rí tí èkejì kò lè rí. Lórí tábìlì, ọ̀rẹ́ mi rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àwòrán kan náà wà lójú síláìdì 14 àti 29: iwájú Mọ́ṣáláṣí Ṣítà Bey, wọ́n kàn gé etí rẹ̀ yàtọ̀ ni. Mọ́mì kò lè mọ èyí láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mọ́mì ka dé síláìdì 26, wọ́n dákẹ́ láàárín gbólóhùn. "Mo ti ka èyí." Òótọ́ ni. Àbúrò mi ti ṣe ẹ̀dà síláìdì 25 kó lè pààrọ̀ àwòrán orí rẹ̀, ó sì gbàgbé pé téèyàn bá ṣe ẹ̀dà síláìdì, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Àwòrán méjèèjì yàtọ̀, nítorí náà kò sí ojú tó lè mú un. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ni yóò sọ lẹ́ẹ̀mejì níwájú èrò.

Àṣìṣe wọn náà dojú kọra bẹ́ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi pa síláìdì 17 rẹ́, nítorí pé àwòrán rẹ̀ ṣú, kò sì sí ohun tó ń fi hàn. Abẹ́ rẹ̀ ni gbólóhùn tó dára jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà wà, ibi tí ọmọ náà ti ṣàlàyé pé ọwọ́ àwọn káfíńtà àti bíríkìlà tó kọ́ṣẹ́ ní Bràsíìlì ló bí irú fèrèsé Ìlọ́jọ́ ní Èkó. Síláìdì lọ, ọ̀rọ̀ bá a lọ. Ká ní Hide Slide ló tẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ ì bá ṣì wà níbẹ̀. Mọ́mì ní tiwọn fa igi lé ọ̀rọ̀ òfin kan tó gùn, wọn ò sì mọ̀ pé gbogbo abala òfin náà ṣì wà lójú síláìdì ní lẹ́tà wẹ́wẹ́. Bó bá lọ bẹ́ẹ̀, èrò yóò máa ka nǹkan kan lórí ògiri, olùsọ̀rọ̀ yóò máa sọ òmíràn, wọn ò sì ní gbọ́ èyíkéyìí dáadáa.

(Ohun kan ló bí àwọn méjèèjì nínú. Nígbà tí fáìlì náà ṣí lórí Google Slides, lẹ́tà tó fi kọ ọ́ kò sí níbẹ̀, Google Slides sì mú òmíràn dípò. Àmì ohùn yẹ̀ kúrò lórí ọ̀rọ̀, ẹ́ di ẹ tí àmì rẹ̀ dá dúró ní ẹ̀gbẹ́. A yí gbogbo rẹ̀ sí Noto Sans, ó sì tò.)

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ jù ni ìbẹ̀rẹ̀. Òkìtì àwókù ni ọ̀rẹ́ mi fi síwájú: òwúrọ̀ oṣù Kẹsàn-án 2016, bíríkì àti igi fèrèsé nílẹ̀ ní Gbàgede Tinúbú. Ó ní kò sí ará Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ̀ pé ilé náà ti wó, nítorí náà kí ni a ń fi pamọ́? Mọ́mì lo òótọ́ yìí kan náà láti sọ òdìkejì rẹ̀. Níwọ̀n bí gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé ó wó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ́ ọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìdílé Fernandez ní 1855, wọ́n kọjá sí 1933 tí ìdílé Ọláìyá rà á, wọ́n dé 1956 tí ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, òkìtì àwókù wá gbẹ̀yìn. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, n kò sì lè dá ẹjọ́ náà. Ti ọ̀rẹ́ mi ń mú kí èèyàn jókòó dáadáa ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ti Mọ́mì ń mú kó dùn ún ní èyí tó kẹ́yìn.

Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ méjèèjì síra, ọ̀rẹ́ mi ní síláìdì mẹ́rìnlá, Mọ́mì ní ọ̀rọ̀ 2,480. Àwọn méjèèjì ti gé síláìdì mẹ́sàn-án ti ìtàn Bàháyà àti ìbọn Gẹ̀ẹ́sì di gbólóhùn kan. Nínú àwọn ilé mìíràn, Mọ́ṣáláṣí Ṣítà Bey nìkan làwọn méjèèjì fi sílẹ̀, nítorí pé òun, tí wọ́n ṣí ní 1894, ṣì dúró ní òpópónà Martins, kò sì jìnnà púpọ̀ sí ibi tí Ìlọ́jọ́ wó sí. Ilé omi Kákáwà lọ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn rẹ̀. Síláìdì mẹ́wàá lórí òfin di ọdún méjì péré: 1956 tí wọ́n kéde rẹ̀, 2016 tí katakátá wọlé tọ̀ ọ́.

Báwo ni ojú àti etí ṣe gé ibì kan náà? Mo bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ń wò ó bí ilé tí wọ́n fẹ́ tún ṣe: ògiri kan wà tó gbé òrùlé, òmíràn wà tí wọ́n kàn fi pín yàrá. Tó bá dojú síláìdì kan dé, tí èyí tó tẹ̀ lé e ṣì dúró, ògiri ìpínyàrá ni. Mọ́mì ní òun máa ń fi "nítorí náà" sáàárín ìpínrọ̀ méjì. Bó bá bá a mu, ìpínrọ̀ méjèèjì di ara wọn mú. Bó bá jẹ́ "bákan náà" nìkan ló bá a mu, ọ̀kan lè lọ. Ilé omi Kákáwà ń bọ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú "bákan náà". Lórí tábìlì, tí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, kò sí ohun tó wó. Ìbéèrè kan náà ni. Ọ̀kan fi òrùlé bi í, èkejì fi ọ̀rọ̀ ìsopọ̀.

Àbúrò mi fi ọgbọ́n kó méjèèjì pọ̀. Ó mú àwòrán ọ̀rẹ́ mi, ó mú ọ̀rọ̀ Mọ́mì, ó fi gbólóhùn tó sọnù ní síláìdì 17 padà sábẹ́ àwòrán fèrèsé, ó sì tẹ̀ lé ètò Mọ́mì. Ó wá sọ ọ́ níwájú àwa mẹ́ta nínú pálọ̀ Mọ́mì. Ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Ojú gbogbo wa là. Mọ́mì ti wọn ọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ mi ti ka síláìdì, kò sẹ́ni tó wọn ìdákẹ́jẹ́. Ibi mẹ́rin ni ọmọ náà ti fi àwòrán hàn, tí àwa fúnra wa sì ń tọ́ka, tí à ń sọ pé "ẹ wo ibẹ̀ yẹn", kó tó lè máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìyẹn nìkan jẹ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Síláìdì kan sì wà tó ní ìlà méje, ìlà kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ títẹ̀ kó tó wọlé, ọmọ náà sì ń dúró de ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pa ìtẹ̀ẹ̀tẹ̀ yẹn rẹ́, ìlà méje di mẹ́ta. Mọ́mì tún yọ ìpínrọ̀ kan nínú ìtàn 1933. Lẹ́ẹ̀kejì, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún àti ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá.

Ọ̀rẹ́ mi ní kó gé àwòrán òkìtì àwókù tó kẹ́yìn, torí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́. Mọ́mì ní kó fi sílẹ̀, kó má sọ nǹkan kan, kó kàn ka ẹyọ mẹ́wàá nínú ikùn rẹ̀. Àbúrò mi kọ ọ́ sábẹ́ síláìdì náà bẹ́ẹ̀: *dákẹ́, ka mẹ́wàá.*