Ìṣirò Ló Ń Ṣáájú Owó

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dún kọjá, èrè kò dé. Mẹ́ta mìíràn tún kọjá, ẹni tó ń bójú tó òwò ní ọjà kò yá. Ẹni tó dá owó sílẹ̀ bínú, ó kọ lẹ́tà pé, “Ẹ san owó mi.” Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í sábà rìn jìnnà, torí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí lè béèrè pé, “Èló ni owó náà?” Ẹni tí kò rí ìwé òwò kò lè mọ iye èrè, kò sì lè mọ ìpín tirẹ̀. Ìṣirò ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe àfojúdi. Òfin àjọṣòwò tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1890, tí tiwa níhìn-ín tọ ipasẹ̀ rẹ̀, sọ ní abala 28 pé kí àwọn alájọṣòwò máa fi ìṣirò òótọ́ han ara wọn. Abala 24 ní kí ìwé òwò wà níbi tí wọ́n ti ń ṣòwò, kí olúkúlùkù wọn lè yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì dà á kọ. Ó tún ní dọ́gbadọ́gba ni wọn yóò pín èrè bí kò bá sí àdéhùn mìíràn. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí lẹ́tà tọ́ka sí àdéhùn ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àwọn méjì jọ dá ilé-iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní Ìkòròdú. Ẹ̀gbọ́n ló ń bójú tó o, àbúrò ló mú owó wá. Lẹ́tà àbúrò lè lọ báyìí:

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín, mo kí ará ilé. Nínú àdéhùn tí a jọ tọwọ́ bọ̀, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni tèmi, ìdá 60 ni tiyín, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ó sì máa pín in. Mi ò tíì gba ti oṣù kìíní sí ìkẹta, mi ò sì tíì gba ti oṣù kẹrin sí ìkẹfà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ọjọ́ 14 tó pé, ẹ fún mi ní ìṣirò oṣù mẹ́fà náà: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wá, iye búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀, sítétímẹ́ǹtì báńkì, àti risíìtì sìmẹ́ńtì.”

Risíìtì sìmẹ́ńtì ló ń bá ìwé ọjà wí. Ká ní àpò kan ń fún wọn ní búlọ́ọ̀kù 40, tí wọ́n sì ra àpò 500, búlọ́ọ̀kù 20,000 ló yẹ kó jáde. Ìwé ọjà ní 16,000 ni wọ́n tà, 1,500 wà nílẹ̀, 500 fọ́. 2,000 ló kù tí a kò rí. Èyí kò tíì sọ ẹnikẹ́ni di olè: ó lè jẹ́ àwìn tí wọn kò kọ sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fi sìmẹ́ńtì kún àpòpọ̀. Àmọ́ àbúrò ti mọ ohun tó máa béèrè.

Ẹ̀gbọ́n gbé ìṣirò wá, ó ní èrè jẹ́ ₦400,000 péré. Nínú ìnáwó tó kọ, ẹ̀rọ tuntun gba ₦2,400,000, owó tó ń mú lọ sílé jẹ́ ₦600,000. Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ abala 24, alájọṣòwò kò ní owó oṣù lórí iṣẹ́ àjọṣe àfi bí wọ́n bá fi í sí àdéhùn. Nítorí náà, ₦600,000 yẹn ti jáde nínú ìpín ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìnáwó òwò. Ẹ̀rọ náà sì jẹ́ ohun ìní àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá gbà pé yóò lò tó ọdún mẹ́rin, ₦300,000 ló tọ́ sí oṣù mẹ́fà. Tí a bá tún un ṣe, èrè á di ₦3,100,000, ìpín àbúrò á sì jẹ́ ₦1,240,000.

Síbẹ̀, èrè yàtọ̀ sí owó ọwọ́. Ẹ̀rọ ti gbé owó lọ. Bí gbogbo oníbàárà tilẹ̀ ti sanwó, ó lè jẹ́ ₦400,000 ló kù ní báńkì. Àbúrò kò lè fipá gba ohun tí kò sí, ṣùgbọ́n wọ́n lè jọ fẹnu kò sí bí wọn yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì kọ déètì sí i.

Bí ẹ̀gbọ́n bá kọ̀ láti dáhùn, agbẹjọ́rò lè bẹ ilé-ẹjọ́ pé kó pàṣẹ kó wá ṣe ìṣirò. Èyí máa ń pẹ́. Láti 2018, ilé-ẹjọ́ gbèsè kékeré wà l’Ékòó, tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ, ṣùgbọ́n gbèsè tó ti ní iye pàtó ló ń gbọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹnu kò lórí ₦1,240,000, kí àbúrò má ṣe fi ẹ̀rín àti ìbọwọ́ lásán tú ìpàdé ká. Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀.