Nígbà Tí Ọjà Onípíóẹ̀sì Bá Ṣàdédé Dá

Ká ní láàárín ọjọ́ méje tó kọjá, ìgbà 805 ni àwọn oníbàárà gbowó tàbí fowó ránṣẹ́ ní ìsọ̀ onípíóẹ̀sì kan. Pín in sí 7, ìpíndọ́gba jẹ́ 115. Lójoojúmọ́, a ó yọ ọjọ́ tó pẹ́ jù, a ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Bí a bá fi ààlà sí 69, ìyẹn ìdá 60 nínú 100, ọjọ́ Àìkú á máa já wa láyà lásán, torí kì í ju nǹkan bí 45 lọ. Nítorí náà, Àìkú mẹ́rin tó ṣáájú ni ká fi wé e. Ààlà di 27: 40 kò burú, àmọ́ bó bá jẹ́ 20, ká yára yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò.

Ẹ má ka ọjọ́ tí ẹ̀rọ bàjẹ́ mọ́ ìpíndọ́gba, kí ààlà má baà lọ sílẹ̀.