Ẹ̀bùn fún Ọmọ Tó Ti Pa Ohun Ìṣeré Tì

Ọmọ ọdún 14 tó ń fi ṣíbí lu tábìlì látàárọ̀ kò ní bojú wo mọ́tò oníke mọ́. Gángan ni kí wọ́n rà fún un.

Nínú ẹbí dùndún, gángan kéré débi pé abíyá ọmọdé gbà á. Kí owó tó jáde, kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ fún àwọn okùn awọ rẹ̀ mọ́ra, kó sì fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Ohùn gbọ́dọ̀ lọ sókè. Bó bá dẹwọ́, kó wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ kò yí padà, ọ̀ṣọ́ ara ògiri lásán ni.

Òjò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí awọ bá fa omi, ohùn á kú. Ẹ yá a sóòrùn díẹ̀.